Ibi tí ìlà méjì ti fara kan ara wọn

Mo tún ya á sínú ìwé láàárọ̀ yìí: ìlà títẹ̀ ti e^x, àti ìlà tààrà ti 1 + x. Ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ti pàdé, níbi tí x ti jẹ́ òdo tí àwọn méjèèjì sì jẹ́ 1. Lápá òsì, ìlà títẹ̀ ń rọra gòkè bọ̀ lókè òdo, ìlà tààrà sì ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ jíjìn. Wọ́n fara kan ara wọn. Lẹ́yìn náà ni ìlà títẹ̀ gun òkè lọ, tó fi èkejì sílẹ̀. Kò sí ibi tó ti bọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Ohun tí à ń kọ báyìí nìyẹn:

e^x ≥ 1 + x

Ẹ̀rí rẹ̀ kò gùn. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, kí ẹ pe ohun tó kù ní f(x) = e^x − 1 − x. Ìwọ̀n tí f fi ń gòkè tàbí sọ̀ kalẹ̀ ni e^x − 1. Bí x bá kéré sí òdo, e^x kò tó 1, f ń sọ̀ kalẹ̀ nìyẹn. Bí x bá ju òdo lọ, f ń gòkè. Òdo gan-an ni ìsàlẹ̀ pátápátá, f(0) sì jẹ́ 0. Nítorí náà, f kò lè kéré sí òdo níbikíbi.

*

Iṣẹ́ tí mo máa ń rán àìdọ́gba yìí jù ni pé kó bá mi sọ ìsọdipúpọ̀ di ìròpọ̀. Bí mo bá ní (1 + a)(1 + b)(1 + c), tí a, b àti c kò sì kéré sí òdo, mo lè sọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé kò ju e^(a+b+c) lọ. Ìsọdipúpọ̀ ohun púpọ̀ máa ń tan ni lójú, ṣùgbọ́n ìròpọ̀, a mọ bí a ṣe ń mú un.

Ẹ wo náírà kan tí èlé rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po kan lọ́dún. Bí wọ́n bá ń san èlé náà lóṣooṣù, tí èlé sì ń bí èlé, owó yẹn á di (1 + 1/12)^12, ìyẹn náírà 2.613. Bí ó bá jẹ́ lójoojúmọ́, á di 2.7146. Jacob Bernoulli yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò ní 1683. Bí wọ́n tilẹ̀ ń san án ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú, kò lè kọjá e, tí í ṣe 2.71828, nítorí pé ìpín kékeré wọ̀nyẹn, bí a bá rò wọ́n pọ̀, 1 ni gbogbo wọn.

*

Ibi tí mo ti fẹ́ràn rẹ̀ jù lọ ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìbí. Èèyàn mélòó ni yóò wà nínú yàrá kan kí ó tó ṣeé ṣe ju ìlàjì lọ pé ó kéré tán méjì nínú wọn ní ọjọ́ ìbí kan náà? Ká gbà pé ọdún jẹ́ ọjọ́ 365, tí ọjọ́ kankan kò sì ju òmíràn lọ.

Ọ̀nà tó rọrùn ni láti wá ìdàkejì rẹ̀: pé ọjọ́ ìbí kò papọ̀ rárá. Ẹni àkọ́kọ́ lè ní ọjọ́ tó wù ú. Ẹni kejì gbọ́dọ̀ yẹra fún ọjọ́ kan, ẹni kẹta fún ọjọ́ méjì, bẹ́ẹ̀ títí dé ẹni kẹtàlélógún tí yóò yẹra fún ọjọ́ 22. Ohun tí a ó sọ di púpọ̀ ni:

(1 − 1/365)(1 − 2/365) … (1 − 22/365)

Ta ló fẹ́ fi ọwọ́ ṣe ìyẹn? Ẹ fi −1/365 sípò x, lẹ́yìn náà −2/365, ẹ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju e tí a gbé sí agbára tirẹ̀ lọ, nítorí náà gbogbo wọn lápapọ̀ kò ju e^(−(1+2+…+22)/365) lọ. Láti 1 dé 22 jẹ́ 253. Ó ku e^(−253/365).

253/365 jẹ́ 0.693151. Kí e^(−t) tó dín sí ìlàjì, t gbọ́dọ̀ kọjá lọ́ọ̀gì 2, tí í ṣe 0.693147. A fi ohun tó kéré ju irun orí lọ kọjá! Èsì rẹ̀ jẹ́ 0.499998. Ó ti tán: èèyàn 23 tó. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fi ọwọ́ mi ṣe é, mo tún un rò lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí n kò gbà pé ó lè bọ́ sí ibi tó ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe bi í ní ohun tí kò mọ̀. Fún èèyàn 22, ó fún wa ní e^(−231/365), ìyẹn 0.531. Ohun tí ó sọ kò ju pé àǹfààní àìpapọ̀ náà kò ju 0.531 lọ. Ìyẹn kò fi hàn pé 22 kò tó. Láti mọ ìyẹn, àfi kí a sọ wọ́n di púpọ̀ ní tòótọ́, kí a sì rí 0.524. Òkè nìkan ni ó máa ń há mọ́. Kò há ìsàlẹ̀ mọ́.

*

Akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé ìwé wá bá mi, ojú rẹ̀ pọ́n. “Sà, mo tẹ̀ lé e bí ẹ ṣe kọ́ wa, ó sì já sí irọ́.” Ó ti fi −3 sípò x lẹ́ẹ̀mejì. 1 + x jẹ́ −2, e^(−3) sì ju ìyẹn lọ, kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ méjèèjì di púpọ̀: (−2)(−2) jẹ́ 4, e^(−6) sì jẹ́ nǹkan bí 0.0025. 4 kò sì kéré sí 0.0025.

Mo ní kó jókòó. Àìdọ́gba náà kò jẹ̀bi, ìsọdipúpọ̀ ni. A kì í sọ àìdọ́gba méjì di púpọ̀ láìkọ́kọ́ wò ó bóyá èyí tó kéré nínú wọn kò sí lábẹ́ òdo. Nínú ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìbí, gbogbo ohun tó wà nínú àkámọ́ ju òdo lọ, ìdí nìyẹn tó fi bọ́ sí i. Láti ọjọ́ yẹn, mo máa ń kọ “x ≥ −1” sí ẹ̀gbẹ́ ìwé kí n tó sọ ohunkóhun di púpọ̀.

*

Bí a bá fẹ́ há e^x mọ́ láti òkè ńkọ́? Ẹ fi −x sípò x: e^(−x) ≥ 1 − x. Bí x kò bá tó 1, ẹ yí méjèèjì dorí kodò, e^x ≤ 1/(1 − x) ló jáde. Fún x = 0.1, e^x wà láàárín 1.1 àti 1.1112.

*

George Pólya, ọmọ ilẹ̀ Hungary, lo àìdọ́gba yìí láti fi ẹ̀rí hàn pé ìpíndọ́gba àwọn nọ́ńbà tó ju òdo lọ, tí a bá gbé e sí agbára iye wọn, kò lè kéré sí ohun tí a rí nígbà tí a sọ wọ́n di púpọ̀. Mo mú 2 àti 8. Ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 5. Mo fi 5 pín ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì yọ 1: −0.6 àti 0.6. Àìdọ́gba náà sọ pé 2/5 ≤ e^(−0.6), 8/5 ≤ e^(0.6). Mo sọ wọ́n di púpọ̀: 16/25 ≤ e^0, ìyẹn 1. Nítorí náà 16 ≤ 25.

Ibi tí ọgbọ́n wà ni pé −0.6 àti 0.6 pa ara wọn rẹ́. Kì í ṣe orí ire: bí a bá yọ ìpíndọ́gba kúrò lára nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, ohun tó kù gbọ́dọ̀ rò pọ̀ di òdo, ì báà jẹ́ nọ́ńbà méjì tàbí igba. Ó sì sọ ìgbà tí méjèèjì yóò dọ́gba fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ìlà méjèèjì ò fara kan ara wọn níbi kankan àfi òdo, nítorí náà gbogbo ìyókù gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo, tó túmọ̀ sí pé gbogbo nọ́ńbà náà jẹ́ ọ̀kan náà.

*

Èwo ló tóbi, e^π tàbí π^e? Mo fi π/e − 1 sípò x. Kì í ṣe òdo, nítorí náà e^(π/e − 1) ju π/e lọ gidi. Mo fi e sọ ọwọ́ méjèèjì di púpọ̀: e^(π/e) ju π lọ. Mo gbé wọn sí agbára e: e^π ju π^e lọ. N kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìṣirò. Nígbà tí mo wá tẹ̀ ẹ́ wò, 23.14 àti 22.46 ni mo bá.