Ọjọ́ tó wà nínú fọ́tò

Alẹ́ àná ni mo kó fọ́tò ẹbí wa láti inú láptọ́ọ̀pù àtijọ́ sí tuntun.
Wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni mo fi so méjèèjì pọ̀, torí Wáífáì ń falẹ̀ jù.

Nígbà tó parí, àyà mi já.
"Date created" gbogbo wọn ti di ọjọ́ àná.
Títí kan ti ìsọmọlórúkọ àkọ́bí mi ní 2016!

Mo fara balẹ̀. Ọjọ́ tí fáìlì dé orí ẹ̀rọ tuntun nìyẹn ń sọ.
Ọjọ́ tí kámẹ́rà yà á wà nínú fọ́tò fúnra rẹ̀, "Date taken" ló ń jẹ́, kò sì yí padà.
Mo fi ìyẹn tò wọ́n, gbogbo wọn bọ́ sípò.

Ó ku àwọn tí ẹbí fi ránṣẹ́.
Fọ́tò tó bá gba orí Wọ́sáàpù kì í gbé ọjọ́ ìyàwòrán dání, àfi tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ bíi fáìlì.
Orúkọ rẹ̀ ni mo gbára lé: IMG-20190412-WA0007.jpg, ó dé ní 12 oṣù kẹrin 2019.
Ìyẹn ni mi ò ṣe ní yí orúkọ wọn padà láé.
Àwòrán màmá mi ló pọ̀ jù nínú wọn.

Ẹ̀yin ńkọ́, báwo lẹ ṣe ń to tiyín?