Nígbà tí “ọmọ” Sọnù Nínú Oríkì

Obìnrin kan gbé ìwé ètò ìsìnkú bàbá rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Ojú Ẹlẹ́gbà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fi oríkì ìdílé wọn ránṣẹ́ nínú íméèlì láti òkè òkun. Nígbà tí wọ́n ṣí i, “ẹṣin” ti di “áº¹á¹£in”, “ọmọ” sì ti di “á»má»”. Ọmọkùnrin tó ń tẹ̀wé ní, “Àǹtí, ẹ jẹ́ ká kúkú pa gbogbo àmì wọ̀nyẹn rẹ́.” Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, “m” nìkan ni ì bá ṣẹ́ kù nínú ọmọ, bẹ́ẹ̀ ọmọ ló kún inú oríkì.

Ìwé náà kò tíì bàjẹ́ rárá. Nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà ń tọ́jú, kì í ṣe lẹ́tà. Nínú ìlànà UTF-8, nọ́ńbà mẹ́ta ló dúró fún “ẹ”. Mẹ́ta náà ló dúró fún “ọ” àti “ṣ”. Ṣùgbọ́n Windows-1252, ìlànà àtijọ́ tí wọ́n ṣe fún àwọn èdè ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù, gba nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sí lẹ́tà kan. Ìdí nìyí tí “ẹ” fi di áº¹, tí “ṣ” fi di á¹£.

Wọ́n pa fáìlì náà dé láìtọ́jú àyípadà kankan, wọ́n tún un ṣí nínú Word. Ní ojú fèrèsé “File Conversion”, wọ́n tẹ “Other encoding”, wọ́n yan “Unicode (UTF-8)”, oríkì sì jáde bí wọ́n ṣe kọ ọ́.

Ká ní wọ́n ti tọ́jú wúruwùru yẹn ni, ọ̀rọ̀ ì bá le díẹ̀. Nọ́ńbà kẹta nínú “ọ” kékeré kò ní lẹ́tà kankan nínú Windows-1252, nítorí náà ó máa ń sọnù bí wọ́n bá ń ṣe àdàkọ rẹ̀ kiri. Síbẹ̀, ọgbọ́n kan wà. “Ọ” ńlá máa ń di á»Œ, tí “ọ” kékeré yóò ku á» lásán. Ẹni tó bá ń fi “Replace” tún un ṣe gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá á»Œ padà sí “Ọ”, kó tó dá á» padà sí “ọ”. Bó bá yí i po, Œ yóò ṣẹ́ kù lẹ́yìn “ọ” kékeré níbi gbogbo tó yẹ kí lẹ́tà ńlá wà.

Bó bá jẹ́ àpótí kékeré òfìfo ló hàn, ìrísí lẹ́tà tí wọ́n yàn ni kò ní “ẹ” tàbí “ọ” nínú. Ẹ pa ìrísí náà dà. Àmì ìbéèrè ló burú jù. Bí “?m?” bá jáde, ẹ̀rọ kan lójú ọ̀nà ti fẹ́ fi “ọmọ” sínú ìlànà tí kò ní “ọ”, ó sì ti kọ àmì ìbéèrè gan-an rọ́pò rẹ̀. “Ẹ”, “ọ” àti “ṣ” ti di ohun kan náà nìyẹn, kò sì sí ètò ìyípadà tó lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Kí ẹni tó kọ ọ́ tún un fi ránṣẹ́ ló kù, kó sì fi í ṣe PDF lọ́tẹ̀ yìí.