Wàrà Tó Ń Jó Ọwọ́ Kò Tíì Jinná

Ọ̀rọ̀ wàrà màálù la gbé wá lónìí.

Àwa tọkọtaya máa ń ra wàrà tútù lọ́wọ́ ìyá Fúlàní kan ládùúgbò wa. Lọ́jọ́ kan ọmọ wa mu ún, ó sì fi ọjọ́ mẹ́ta ṣu gbuuru. Ẹnu yà wá, torí a gbé e kaná. Àmọ́ bí ooru ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rú, tó ń jó wa lọ́wọ́, la sọ ọ́ kalẹ̀. Ooru tó ń jó ọwọ́ èèyàn ò tíì pa kòkòrò àìfojúrí. A tún wá fi igbá tá a fi gbà á ní tútù bù ú fọ́mọ. Àṣìṣe méjì!

Ní báyìí a ti ra tẹmọ́mítà ìdáná. A kọ́kọ́ tì í bọ omi tó ń hó: tó bá sún mọ́ 100°C, ó dáa nìyẹn. A da wàrà lítà 2 sí ìkòkò kékeré, a gbé e sínú ìkòkò ńlá tó ní omi, kó má baà jóná. À ń rò ó díẹ̀díẹ̀, torí fọ́ọ̀mù orí rẹ̀ lè tutù ju ìsàlẹ̀ lọ. Ẹnu tẹmọ́mítà wà láàárín wàrà, kò kan ìdí ìkòkò.

Nígbà tó dé 63°C la tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkókò: ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gbáko. Nígbà àkọ́kọ́ tá a ṣe é, aago 6:40 ló dé bẹ̀. Nígbà tó di 6:52, a ti dín iná kù jù, ó wálẹ̀ sí 61. Ìṣẹ́jú méjìlá yẹn ṣòfò! A mú un gòkè padà, a tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tá a fi ń dúró sí 65 báyìí.

Lẹ́yìn náà, a gbé ìkòkò náà sínú abọ́ omi tútù àti áìsì, à ń rò ó títí tó fi tutù. A dà á sínú ìgò tá a ti fi omi híhó ṣan, ó di inú fíríìjì. Igbá àárọ̀ ò gbọdọ̀ kàn án mọ́.

Tí wàrà bá dì bó ṣe ń gbóná, ó ti kan kó tó dé iná. Iná ò lè tún un ṣe. Èyí tó dáa pàápàá, kì í ṣe gbogbo kòkòrò ló kú nínú ẹ̀, torí náà tí iná mànàmáná bá ń ṣe ségesège, ẹ mu ún tán lọ́jọ́ náà.

Ẹ ò ní tẹmọ́mítà? Ẹ jẹ́ kó hó dáadáa, kẹ́ ẹ máa rò ó. Adùn rẹ̀ á yí padà díẹ̀, àmọ́ ọkàn yín á balẹ̀.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ìyá ọlọ́mọ kan o.