Ọjọ́ Tí Ọkọ̀ Fi Mí Sílẹ̀ ní Ìsẹ́yìn

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan: aago 6 òwúrọ̀, kí n wọ ọkọ̀ ní Ìbàdàn, aago 9, kí n sọ̀ ní Ìsẹ́yìn, aago 9 ààbọ̀, ọkọ̀ Ṣakí. Ọ̀sán ni mo fẹ́ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti tó ọdún 3 tí a ti sọ̀rọ̀ ìfẹ́ gbẹ̀yìn. Agbádá ẹtù bàbá wa, tó wà nínú báàgì mi, ló dá ìjà náà sílẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú ni mo gbé e lọ láìbéèrè. Mo wá ń gbé e padà.

Táyà fọ́ lójú ọ̀nà. Kí a tó dé Ìsẹ́yìn, ọkọ̀ Ṣakí ti kún, ó sì ti lọ. Èyí tó kàn kò ní gbéra àfi tó bá kún, èmi nìkan ló sì jókòó sínú rẹ̀ títí ọ̀sán fi pọ́n. Awakọ̀ ní òun kì í rin ọ̀nà yẹn lóru, kí n wá ibi sùn. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní, "Ó dáa," wọ́n sì pa fóònù.

Pẹ̀lú ìbínú ni mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri. Ìró òfì ló fà mí wọ àgbàlá kan. Bàbá àgbàlagbà kan jókòó nídìí òfì; òwú tí wọ́n ta gùn jìnnà níwájú wọn, òkúta ló sì di ìdí rẹ̀ mú. Bí wọ́n bá ti hun díẹ̀, wọn a fa aṣọ mọ́ra, ẹrù òkúta náà a sì máa wọ́ bọ̀ nílẹ̀. Awẹ́ tí ń jáde kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Òwú kan já, wọ́n dúró, wọ́n so ó.

"Bí n kò bá so ó, ìlà ni yóò máa hàn títí dé òpin."

Mo fi ẹtù náà hàn wọ́n. Mo rò pé wọn yóò yìn ín. Ṣùgbọ́n wọ́n tẹ́ ẹ sórí itan, wọ́n ń fi àtàǹpàkò ka awẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ọmọ mi, awẹ́ 2 nínú èyí kì í ṣe ti ìbẹ̀rẹ̀. Wò ó, aró wọn kò ṣú tó ti yòókù. Wọ́n tún fún díẹ̀. Ẹni tó hun wọ́n ń fa òwú inú ọ̀kọ̀ le jù."

"Bàbá, kí ló dé tí wọ́n fi pààrọ̀ wọn?"

"Bí aṣọ bá bàjẹ́ lójú kan, a ó tú ojú rírán, a ó yọ awẹ́ náà, a ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ohun tó bà á jẹ́, ẹni tó ni ín ni kí o bi."

Ìyàwó wọn fún mi ní àmàlà àti ẹní. Lóru, mo tún pe ẹ̀gbọ́n mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mọ̀ pé wọ́n pààrọ̀ awẹ́ 2 lára ẹtù yìí?"

Wọ́n dákẹ́ títí. Mo rò pé wọ́n ti tún pa á.

"Èmi ni mo fi áyọ́ọ̀nù jó o," ni wọ́n wí. "Bàbá kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ló wá sọ fún ọ?"

Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí táyà tó fọ́.