Ta la ó kọ́kọ́ kí?

Kò sí ẹni tí kò mọ bí a ṣe ń kí àgbàlagbà kan ṣoṣo láàárín wa. Ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀, ó parí. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń le ni ìgbà tí a bá wọ ibi tí ogún ènìyàn jókòó sí, tí bàbá wà níbẹ̀, tí ìyá àgbà wà níbẹ̀, tí ẹgbẹ́ wa wà níbẹ̀, tí àwọn ọmọdé sì ń sáré kiri. Gbogbo wọn á gbójú sókè, wọ́n á máa wò wá. Ta la ó kọ́kọ́ kí?

Lọ́dún tó kọjá, àwa mẹ́rin tẹ̀ lé ẹbí ọ̀rẹ́ wa kan lọ sí Ẹbúté Ìkòròdú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin fẹ́ gbé ọmọ ibẹ̀ níyàwó, mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ sì ni wọ́n lọ ṣe. A wọ ọkọ̀ ojú omi láti Èkó, a gba orí ọ̀sà lọ, a sọ̀ kalẹ̀ ní ẹbúté, ilé àwọn àna kò sì jìnnà síbẹ̀. Àwa la ru èso àti páálí ohun mímu. Kò sí alága ìjókòó, kò sí alága ìdúró. Ìyẹn di ọjọ́ ìdána. Nítorí náà, kò sí ẹni tí yóò mú gbohùngbohùn kí ó ní kí á dọ̀bálẹ̀ fún lágbájá. Àwọn àna á kàn máa wò wá ni, ohun tí wọ́n bá sì rí ni wọ́n á fi mọ irú ilé tí ọmọ wọn ń lọ.

Bàbá tó ṣáájú wa, tí í ṣe àbúrò bàbá ọkọ ìyàwó, dá wa dúró lẹ́nu géètì. Ó ní kí ọkùnrin ṣí fìlà, kí ẹni tó ru ẹrù sọ ọ́ kalẹ̀ kí ó tó kí ẹnikẹ́ni, torí a kì í fi ẹrù lórí kí àgbà. Ó ní kí ẹnikẹ́ni nínú wa má na ọwọ́ sí àgbàlagbà. Bí àgbà bá fẹ́ bọ̀ wá lọ́wọ́, òun ni yóò na ọwọ́ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù: “Kí ẹ tó kí ẹnì kan, ẹ kí gbogbo wọn.”

Bí a ṣe wọlé, a dúró lójú kan, a fi ohùn kan sọ pé, “Ẹ káàsán o, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú àpéjọ,” àwọn ọkùnrin tẹ̀ ba, àwọn obìnrin sì fi eékún kanlẹ̀. Ìgbà tí a dé ilé la tó ro ohun tí ìkíni yẹn ṣe. “Ẹ” tí à ń lò fún àgbà kan náà là ń lò fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nínú “ẹ kú ìjókòó,” bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún gba ọ̀wọ̀ tirẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà sì gba tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára èrò. Kò sí ẹni tó lè sọ pé wọ́n fo òun. Ìkíni yìí tún ń fún wa láàyè láti wo ilé. Bí wọ́n ti ń dáhùn pé “Ẹ káàbọ̀ o,” à ń wo ẹni tí ojú gbogbo wọn yí sí, àti ẹni tó jókòó sí àga tí ẹlòmíràn kì í jókòó sí.

Lẹ́yìn èyí ló wá kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá àgbà kan jókòó lọ́wọ́ òsì, àwòmọ̀ ni pé òun ló dàgbà jù níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wa rọra béèrè bóyá ká kọ́kọ́ lọ bá wọn. Bàbá wa mi orí, ọ̀dọ̀ olórí ẹbí ló mú wa lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá yẹn lè bí i lọ́mọ. Àlàyé rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ ilé la bá wá, olórí ẹbí sì ni wọ́n fi ilé lé lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ pé a kàn yà kí wọn ni, ìyá àgbà ni ìbá ṣáájú. A dọ̀bálẹ̀ gbalaja, a kò sì dìde títí wọ́n fi ní, “Ẹ dìde, ẹ ṣeun.” Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ló kàn tààrà, kódà ṣáájú bàbá ìyàwó. Etí wọn ti wúwo díẹ̀, nítorí náà a sún mọ́ wọn ká tó kúnlẹ̀, kí wọ́n lè rí ẹni tó ń kí wọn.

Ibi tó ya wá lẹ́nu jù ni ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin méjì kan. Èkínní lé ní àádọ́ta ọdún, èkejì kò tíì pé ogójì. Èyí àgbà ń kúnlẹ̀ fún èyí tó kéré, ó ń pè é ní “ìyá ọkọ mi.” Ìyàwó ilé ni àgbà yẹn, ọmọ ilé ni èkejì, wọ́n sì ti bí i kí ìyàwó yìí tó wọlé. Láàárín ẹbí, ọjọ́ tí ènìyàn wọ ilé là ń kà, a kì í ka ọjọ́ ìbí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1997: gbogbo ọmọ tí ìyàwó bá nílé, lọ́kùnrin lóbìnrin, ọkọ rẹ̀ ni wọ́n. Ìdí nìyí tí ìyàwó kì í fi í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, tó jẹ́ pé “bàbá kékeré” tàbí “adúmáadán” ló máa ń pè é. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: àwa kì í ṣe ìyàwó ilé yẹn. Àlejò ni wá, ọjọ́ orí ló sì de àlejò. Èyí tó lé ní àádọ́ta la kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún, èkejì sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Bí ìyàwó tuntun ilé náà bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní kò mọ ilé.

Ọ̀nà mìíràn wà tí ọjọ́ orí kò ní àṣẹ. Ọba ni ti àkọ́kọ́. Bí Ayangbúrẹ́n ti Ìkòròdú bá wà níjòókòó, àgbà tó bí i lọ́mọ á dọ̀bálẹ̀, ọ̀dọ̀ Kábíyèsí ni gbogbo ìkíni á sì ti bẹ̀rẹ̀. Ìbejì ni èkejì: Táíwò ló kọ́kọ́ jáde, síbẹ̀ Kẹ́hìndé là ń kà sí ẹ̀gbọ́n.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé a ti fo ẹnì kan? Wọn kì í sábà sọ ọ́ jáde. Ẹni tí a fò á dá wa lóhùn fẹ́ẹ́rẹ́, tàbí kí ó yíjú sí ẹlòmíràn kí ó béèrè pé, “Ọmọ ta nìyẹn?” Nígbà mìíràn, ọmọ ilé kan á rọra sọ fún àlejò pé, “Ẹ ò tíì kí bàbá.” Kò sí àwíjàre níbẹ̀. Kí ènìyàn padà lọ dọ̀bálẹ̀ ni, kí ó sì fi “ẹ má bínú, sà” kún un. Àgbà tó rí i pé a padà wá sábà máa ń yọ́nú.

Ohun tó kẹ́yìn ni èyí tí bàbá wa ṣe láìsọ fún wa. Nígbà tí a kí àwọn tó wà níwájú tán, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ, a tẹ̀ lé e. Àwọn obìnrin mẹ́fà ń dáná níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kò ju ẹgbẹ́ wa lọ. Ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìnáwó.” Wọ́n fi ṣíbí ọwọ́ wọn sílẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀, inú wọn dùn. Ọ̀kan nínú wọn ni àbúrò ìyàwó. Òun ló wá sọ fún ọ̀rẹ́ wa ní ọjọ́ kejì pé nígbà tí àlejò lọ tán, tí àwọn àgbà jókòó láti dá ọjọ́ ìdána, olórí ẹbí béèrè èrò àwọn ará ẹ̀yìnkùlé, wọ́n sì ní àwọn yìí kí àwọn.