Ṣíṣí Lẹ́tà Yàtọ̀ sí Kíkà Á

Inú mi máa ń dùn bí mo bá rí àwọn ọmọ wa ní Òsì àti Ìlọ́fà tí wọ́n ń fi ìméèlì polówó èlùbọ́ fún àwọn ará wa ní Èkó àti Ìlọrin. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni iye ẹni tó ṣí lẹ́tà tí wọ́n ń kà bí ẹni ka owó, láìbéèrè bí ẹ̀rọ ṣe mọ̀ pé wọ́n ṣí i.

Inú lẹ́tà ni wọ́n ń fi àwòrán kan pamọ́ sí, èyí tó kéré débi pé ojú kò lè rí i. Bí fóònù oníbàárà bá ti gbé àwòrán náà wá, ẹ̀rọ a kọ ọ́ sílẹ̀ pé lágbájá ti ṣí lẹ́tà. Ẹni tí kò jẹ́ kí fóònù rẹ̀ máa gbé àwòrán wá, kí dátà má baà tètè tán, lè ka lẹ́tà náà tán kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Láti 2021 sì ni Apple ti fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní ètò kan tó ń gbé àwòrán wọ̀nyí wá ṣáájú, ì báà jẹ́ pé ẹni tó ni fóònù kò fojú kan lẹ́tà rárá.

Nítorí náà, ẹni tó tẹ líǹkì ni kí ẹ fi wọn àkọlé wò. Ká ní orúkọ 480 wà lọ́wọ́ yín. Ẹ pín in sí méjì láìṣẹ̀ṣà, kí ẹ fi lẹ́tà kan náà ránṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Àkọlé ìdá kan ni "Ìròyìn ayọ̀ láti Ìlọ́fà". Ti èkejì ni "Èlùbọ́ tuntun: ọkọ̀ Èkó gbéra ní Ọjọ́bọ̀". Ká ní 120 ṣí ti àkọ́kọ́, tí 3 tẹ líǹkì. 72 ṣí ti èkejì, tí 18 tẹ̀ ẹ́. Ẹnì kan nínú 40 nìyẹn, àti ẹnì kan nínú 4. Àkọlé àkọ́kọ́ pe àwọn tó ń retí ìròyìn, èlùbọ́ ni wọ́n bá níbẹ̀. Ìkejì ti sọ ọjà àti ọjọ́, àwọn tó ń wá èlùbọ́ ló sì dáhùn. Bó bá jẹ́ 16 àti 18 ni, mi ò ní sọ pé ọ̀kan borí, torí ènìyàn méjì péré lè jẹ́ èèṣì.

Kí gbólóhùn àkọ́kọ́ nínú lẹ́tà dá àkọlé lóhùn kíákíá: iye owó kóńgò kan, ibi tí ọkọ̀ yóò já ẹrù sí, ìgbà tí ìbéèrè ọjà yóò parí. Líǹkì kan ṣoṣo ti tó. Bí ọ̀pọ̀ bá tẹ̀ ẹ́ tí wọn kò rà, ẹ má tíì yí àkọlé padà. Ẹ kọ́kọ́ wo owó ọkọ̀ tí ẹ gbé lé ọjà náà.