Bí Kọ́rọ́mù Kò Bá Pé, Kí Ni Akọ̀wé Yóò Kọ?

Bí alága bá ti ka àwọn tó wà níjòkòó tán, Màmá Akọ̀wé á mú rúlà, wọ́n á fa ìlà sábẹ́ orúkọ ẹni tó buwọ́ lùwé kẹ́yìn, wọ́n á sì kọ aago sí ẹ̀gbẹ́ ìlà náà. Ẹni tó bá pẹ́ dé, abẹ́ ìlà ni yóò kọ orúkọ tirẹ̀ sí. Onírúurú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni wọ́n ti bá kọ̀wé n'Ìbàdàn, kò sì sí èyí tí wọn kò ti fa ìlà yìí. Òun ni ẹ̀rí iye ènìyàn tó wà nílẹ̀ nígbà tí ìpàdé bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dọ̀ bàbá wọn, tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ olóko kòkó, ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ọdún 1935 ni ìjọba amúnisìn gbé òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù jáde ní Nàìjíríà. Nígbà tó di 1937, ẹgbẹ́ àwọn olóko kòkó ní Gbẹ́dun, lẹ́bàá Ìbàdàn, forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìwé òfin ẹgbẹ́, ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ àti ìwé ìpàdé ti di ohun tí akọ̀wé ń gbé káàkiri nínú àpò. Bàbá wọn máa ń sọ fún wọn pé bí aṣojú ìjọba bá dé láti yẹ ìwé wò, iye ènìyàn tó wá sípàdé ló kọ́kọ́ ń wá, kó tó wo orúkọ àwọn tí wọ́n yá lówó.

Nọ́ńbà mẹ́ta ni Màmá kì í fi sílẹ̀ láìkọ: iye ọmọ ẹgbẹ́ tó wà nínú ìwé, iye tí òfin ẹgbẹ́ pè ní kọ́rọ́mù, àti iye tó wà níjòkòó pẹ̀lú aago tí wọ́n kà wọ́n. Akọ̀wé tó bá kàn kọ ọ́ pé “kọ́rọ́mù pé” kò tíì sọ ohun tí ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ wò. Ẹgbẹ́ kan tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ rí fẹ́ pààrọ̀ àwọn tó ń buwọ́ lu sọ̀wédowó. Gbólóhùn ẹyọ kan yẹn ni akọ̀wé tó wà níbẹ̀ ṣáájú wọn kọ sínú ìwé ìpàdé, báǹkì sì dá ìwé náà padà. Odidi ìpàdé mìíràn ni wọ́n tún pè nítorí rẹ̀.

Ẹni tó ránṣẹ́ pé òun kò lè wá kò sí nínú kọ́rọ́mù, àfi bí ìwé òfin bá gbà kí ènìyàn rán aṣojú. Àlejò kò sí níbẹ̀. Akọ̀wé tó jẹ́ òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ náà kò sí níbẹ̀.

Bí Màmá bá ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ akọ̀wé, ọ̀rọ̀ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n fi ń ṣe àpẹẹrẹ fún wọn. Ọmọ ilé 32 ló wà níbẹ̀. Òfin Nàìjíríà sọ pé ìdá kan nínú mẹ́ta ni kọ́rọ́mù, ìyẹn 11. Ní oṣù kìíní ọdún 2006, àwọn 18 nínú wọn kéde pé àwọn ti yọ Gómìnà Ráṣídì Ládọjà nípò. Ta ni yóò sọ pé 18 kò ju 11 lọ? Ṣùgbọ́n ìdá méjì nínú mẹ́ta ni òfin béèrè fún yíyọ gómìnà, 22 nìyẹn. Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn fagi lé e ní oṣù kọkànlá ọdún náà, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì fara mọ́ ìdájọ́ yẹn ní oṣù kejìlá. Iye tó lè jókòó ṣèpàdé yàtọ̀ sí iye tó lè ṣe irú ìpinnu kan. Ìdí nìyẹn tí Màmá fi ń kọ nọ́ńbà àwọn tó gba àbá wọlé sábẹ́ àbá náà, pàápàá bó bá jẹ́ pé òfin ẹgbẹ́ ni wọ́n fẹ́ tún ṣe.

Ìgbà tí kọ́rọ́mù kò bá pé gan-an ni ọ̀pọ̀ akọ̀wé ń ṣìnà. Àwọn kan á pa ìwé dé, wọn ò ní kọ nǹkan kan, bíi pé wọn ò pe ìpàdé rárá. Àwọn mìíràn á kọ gbogbo ìjíròrò sílẹ̀ bí ìpinnu. Èyí kejì yìí ló burú jù, nítorí ó lè sún akápò ná owó tí ẹgbẹ́ kò fọwọ́ sí.

Ẹ jẹ́ ká gbà pé ọmọ ẹgbẹ́ jẹ́ 60, tí òfin wọn sì sọ pé ìdá kan nínú mẹ́ta ni kọ́rọ́mù, kí wọ́n sì dúró fún wákàtí kan. Ènìyàn 14 péré ló wá. Ohun tí Màmá yóò kọ nìyí:

“Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni a pe ìpàdé sí. Ọmọ ẹgbẹ́ jẹ́ 60, kọ́rọ́mù jẹ́ 20. Nígbà tí ó di aago mọ́kànlá, ọmọ ẹgbẹ́ 14 ló wà níjòkòó; orúkọ wọn wà lẹ́yìn ìwé yìí. Alága kéde pé kọ́rọ́mù kò pé. A kò ṣe ìpinnu kankan. A sún ìpàdé sí ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀, ní gbọ̀ngàn yìí kan náà. A túká ní aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.”

Ó parí. Wọn kì í ka ìwé ìpàdé tó kọjá kí wọ́n fọwọ́ sí i lọ́jọ́ náà, nítorí ìpinnu ni ìyẹn pẹ̀lú. Bí àwọn 14 náà bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa owó ilé tí ẹgbẹ́ ń jẹ, kí wọ́n sọ ọ́. Ìwé ọ̀tọ̀ ni Màmá ń kọ ọ́ sí, wọ́n á sì kọ “ìjíròrò, kì í ṣe ìpinnu” sókè rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí onílé bá ní òun yóò ti ìlẹ̀kùn pa kó tó di Sátidé ńkọ́? Alága àti akápò lè san owó náà, ṣùgbọ́n ọrùn wọn ló wà títí ẹgbẹ́ yóò fi gbà á. Bí ìpàdé tó tẹ̀ lé e bá kún, akọ̀wé yóò kọ ọ́ ní kedere pé ọmọ ẹgbẹ́ 23 nínú 60 wà níjòkòó, pé wọ́n gbọ́ nípa owó tí alága àti akápò san ní ọjọ́ báyìí, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Wọn kò gbọdọ̀ padà lọ tún ti ìpàdé àkọ́kọ́ kọ.

Kọ́rọ́mù a tún máa já láàárín ìpàdé. Òjò á ṣú, ẹni márùn-ún á dìde. Màmá ń kọ aago tí ẹnì kọ̀ọ̀kan jáde, nítorí ìpinnu tó ṣáájú kò bà jẹ́; èyí tó bá tẹ̀ lé e ni wàhálà. Àwọn tó jẹ́ ilé-iṣẹ́ ní ìlànà tiwọn nínú òfin ilé-iṣẹ́ ti 2020. Bí ó bá hàn sí alága pé ṣe ni àwọn kan jáde kí kọ́rọ́mù lè já, ìpàdé lè máa lọ. Bó bá jẹ́ ìdí tó múná dóko ni wọ́n fi jáde, wọ́n á sún un sí ọ̀sẹ̀ kan. Nítorí náà, akọ̀wé ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ ìdí tí wọ́n fi jáde àti ohun tí alága sọ nípa rẹ̀.

Ní báyìí, orí fóònù ni ìpàdé mìíràn ń wáyé. Màmá kì í ka ẹni tí orúkọ rẹ̀ lójú fóònù bá jẹ́ iPhone mọ́ kọ́rọ́mù títí yóò fi sọ orúkọ tó wà nínú ìwé ẹgbẹ́. Ẹni tí nẹ́tíwọ́kì bá gbé lọ ti jáde nìyẹn, wọ́n á sì kọ aago rẹ̀.

Ẹ̀yin akọ̀wé tí ẹ ní ìpàdé lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí ìwé òfin ẹgbẹ́ yín kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ wo iye tó pè ní kọ́rọ́mù, kí ẹ sì kọ ọ́ sórí ìwé àwọn tó wá kí ẹnikẹ́ni tó buwọ́ lù ú.